Lẹ́tà sí àbúrò tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yí ohùn padà

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo bá wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n ṣègbéyàwó ni ọkùnrin náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Kò sọ ìdí. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí, àbúrò mi ò gbé fóònù ẹnikẹ́ni. Ibi tí mò ń gbé jìnnà sí i, mo wá ní kí n kọ lẹ́tà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì fà á ya. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn nìyí: “Àbúrò mi, má sunkún mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé aláìníláárí ni ọkùnrin yẹn. Ó sàn kó ṣẹlẹ̀ báyìí ju kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó lọ. Ẹni tó dára jù ú lọ ń bọ̀. Bí o bá nílò ohunkóhun, pè mí.” Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ mà?*

Gbólóhùn mẹ́fà lẹ kọ, inú rere ló sì ti gbogbo wọn wá. Àmọ́ ẹ tún wọn kà, kí ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ọ̀kan ń lé ẹkún lọ. Ọ̀kan ń túmọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ń bá ọkùnrin náà jà. Òmíràn ti ta kété, ó ti ń wo ọ̀kánkán ọdún mìíràn. Kò sí èyí tó jókòó ti ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá lónìí. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín fi ń fà á ya kí ọkàn yín tó mọ ohun tó ń dà á láàmú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jókòó, wọ́n sì máa ń kó àwọn lẹ́tà tí wọ́n gbà wá fún mi. Ẹni tó kọ lẹ́tà náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tù nínú. Bí èèyàn wa bá ń jẹ̀rora tí a ò rí nǹkan kan ṣe sí i, ara kì í gbà á. A á máa wá ọ̀rọ̀ tó máa tètè parí ọ̀ràn náà kí àwa náà lè rí oorun sùn. Ẹni tó gba lẹ́tà á mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń lé òun, kódà bí kò bá mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí lẹ́tà yín ní láti ṣe ni pé kó pe ohun tí àbúrò yín pàdánù ní àdánù. Opó lórúkọ. Dálémoṣú náà lórúkọ. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ dàrú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí la ń pè é? Ọkùnrin náà ò kú, kí àwọn èèyàn lè wá jókòó tì í kí wọ́n sì gba ẹkún lójú rẹ̀. Ìgbéyàwó ò tíì wáyé, kí ẹnì kan lè sọ pé ilé rẹ̀ tú. Ní ọdún 1989, Kenneth Doka, onímọ̀ nípa ọ̀fọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé irú ìbànújẹ́ yìí: ọ̀fọ̀ tí àwùjọ ò ya àyè kankan sọ́tọ̀ fún, tí ẹni tó ń ṣe é ò ní ẹ̀tọ́ lójú ará ayé láti máa ṣe é. Ìnira rẹ̀ wá di méjì. Èèyàn ń ṣọ̀fọ̀, ó sì tún ń tijú pé òun ń ṣọ̀fọ̀. Ohun tí ó ń sunkún lé lórí ju ọkùnrin náà lọ: ilé tí wọ́n ti fẹnu kọ́ tán, orúkọ tí wọ́n ti ń pe ọmọ tí wọn ò tíì bí, ojú tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń wò ó lóṣù tó kọjá. Nítorí náà, “má sunkún mọ́” ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nínú lẹ́tà yín. Òun nìkan ló fàyè gba ara rẹ̀ láti sunkún, ẹ má gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọlọ́run ló yọ ọ́” àti “ó sàn kó ṣẹlẹ̀ báyìí” lè jẹ́ òótọ́. Ó ṣeé ṣe kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, bóyá lẹ́yìn ọdún méjì. Bó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ẹ̀rí ni. Bó bá ti ẹnu yín jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án, ohun tó máa gbọ́ ni pé ohun tí òun ń sunkún lé lórí kò tó nǹkan, àti pé ọpẹ́ ló yẹ kí òun máa dá. “Ẹni tó dára jù ú lọ ń bọ̀” náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí aṣọ tó ya tí a fẹ́ ra òmíràn dípò rẹ̀ ló ṣe sọ ọ̀ràn náà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ti aláìníláárí yẹn. Mo mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Obìnrin kan wá bá mi nígbà kan, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ó bá wá. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ọkùnrin náà ti ba àdéhùn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ̀gbọ́n obìnrin náà sì kọ lẹ́tà olójú ewé méjì sí i, ó bú ọkùnrin náà látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àwọn méjèèjì parí ìjà, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n wá síbi ìgbéyàwó, ó jó, ó yọ̀, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ náà mọ́. Àmọ́ lẹ́tà yẹn ṣì wà nínú àpótí obìnrin náà, ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí ìṣòro gidi wá dé sílé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sá tọ̀ ni kò lè sá tọ̀. Ó ní, “Mo ti mọ ohun tó máa sọ.” Ohun tí lẹ́tà olójú ewé méjì gbà lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Ẹyin lohùn lóòótọ́, àmọ́ ohùn tó wà lórí ìwé kì í tilẹ̀ fọ́ tán. Wọ́n á máa tún un kà ni.

Ká tilẹ̀ sọ pé ọkùnrin yìí ò ní padà mọ́ láéláé. Àbúrò yín ló yàn án. Bí ẹ bá pè é ní aláìníláárí, ojú tí àbúrò yín fi yàn án lẹ ń bú. Bí ẹ bá tún sọ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e kò ṣòro láti mọ̀: kí ló dé tí ẹ ò sọ?

Ó sì ṣì ń fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2010, Helen Fisher, onímọ̀ nípa ẹ̀dá èèyàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ọpọlọ èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò, àwọn tí olólùfẹ́ wọn ti fi sílẹ̀ láìpẹ́ tí ọkàn wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi fọ́tò olólùfẹ́ náà hàn wọ́n, lára ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ wọn ni àwọn ibi tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń wá oògùn tó ti di bárakú fún un. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò pọ̀, èmi ò sì ní fi wọ́n ṣe òfin fún gbogbo ayé. Síbẹ̀ ó bá ohun tí mò ń rí mu: ẹni tó mọ̀ dájú pé ó ti parí ṣì máa ń la fóònù rẹ̀ ní aago méjì òru láti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ kan ti wọlé. Bí lẹ́tà yín bá ní kó gbàgbé rẹ̀, ohun tí kò tíì sí lágbára rẹ̀ lẹ ní kó ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pa mọ́ fún yín pé òun ò tíì ṣe é. Ẹ bá ẹlòmíràn bínú sí ọkùnrin náà, bóyá ọkọ tàbí aya yín, bóyá ọ̀rẹ́ yín kan tí kò mọ àbúrò yín. Ẹ má ṣe gbé e wá sínú lẹ́tà.

Ó ku gbólóhùn kan, ìyẹn “bí o bá nílò ohunkóhun, pè mí.” Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ẹ wò ó dáadáa, iṣẹ́ lẹ gbé lé e lọ́wọ́: kó kọ́kọ́ ronú ohun tó nílò, kó wá ìgboyà, kó gbé fóònù, kó sì bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò lè gbé fóònù tó ń dún, ṣé òun ló máa tẹ nọ́ńbà? Ẹ wá iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an, kí ẹ sọ èyí tí ẹ lè bá a ṣe. Èyí tó máa ń wúwo jù nínú irú ọ̀ràn yìí ni sísọ fún àwọn tí wọ́n ti pè pé kò sí ìgbéyàwó mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, á sì máa la ọjọ́ yẹn kọjá lákọ̀tun lẹ́nu ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti ṣe ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ. Àmọ́ ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìdílé.

Bí èmi bá wà nípò yín, bí màá ṣe kọ ọ́ nìyí. Ẹ fi orúkọ tí ẹ ń pè é nílé sókè, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

> Àbúrò mi,
>
> Mo gbọ́ pé ìgbéyàwó tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún kò ní wáyé mọ́. Ó dùn mí gan-an ni. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mo ń rántí rẹ.
>
> Mo mọ̀ pé ohun tó lọ ju ayẹyẹ ọjọ́ kan lọ. Mo rántí alẹ́ tí o pè mí tí o fẹ́ ka orúkọ àwọn orin tí ẹ ti yàn fún ìgbéyàwó náà sétí mi, tí ẹ̀rín ò jẹ́ kí o ka ẹ̀kẹta. Ayọ̀ yẹn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. O fẹ́ràn èèyàn, o sì fọkàn tán an. Mi ò rí ohun tó yẹ kó tì ọ́ lójú níbẹ̀.
>
> Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́. Bó bá wù ọ́ láti sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, màá gbọ́. Bí kò bá wù ọ́, a lè sọ nǹkan mìíràn, a sì lè jọ dákẹ́.
>
> Nǹkan méjì ni mo lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́, mo lè bá ọ sọ fún àwọn tí ẹ ti pè. Ohun tí màá sọ ò ní ju èyí lọ: “Ìgbéyàwó náà ò ní wáyé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè é.” Ìkejì, mo lè wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n sùn mọ́jú. Fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” ránṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti tó. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mi ò ní ṣe èyíkéyìí nínú wọn, mi ò sì ní bínú.
>
> Má da ara rẹ láàmú láti kọ èsì sí lẹ́tà yìí. Màá tún kọ òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí o kọ, bí o ò kọ.
>
> Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ẹ kíyè sí bí mo ṣe sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́. “Ìgbéyàwó kò ní wáyé mọ́.” Mi ò sọ pé “ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀,” torí gbólóhùn yẹn sọ ọ́ di ẹrù tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mi ò sì fi “ohun tó ṣẹlẹ̀” lásán bò ó mọ́lẹ̀, bíi pé ó jẹ́ èèwọ̀ láti dárúkọ rẹ̀. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kedere, kí o kọjá lọ.

Ìrántí orin yẹn, tèmi ni, mo hun ún láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má yá a lò. Ẹ wá tiyín, kó jẹ́ ohun kékeré tí ẹ fojú rí tàbí tí ẹ fetí gbọ́, kó sì jẹ́ nípa àbúrò yín, kì í ṣe nípa ọkùnrin náà. Ibẹ̀ ló máa kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ò bá rántí nǹkan kan tó jẹ́ òótọ́, ẹ fò ó. Lẹ́tà kúkúrú sàn ju ìrántí tí a fipá wá.

Ní ti “mi ò ní bi ọ́,” ẹ má kọ ọ́ àyàfi tí ẹ bá máa dúró tì í. Gbogbo ẹni tó ń pè é ló fẹ́ mọ ìdí, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti bá a méfò pẹ̀lú, pé bóyá ẹ̀rù ló ba ọkùnrin náà, bóyá àwọn èèyàn rẹ̀ ló dá sí i. Àbá kan tí ẹ bá sọ lónìí, ó lè fi oṣù mẹ́fà lọ̀ ọ́ mọ́nú.

Ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ìwé ni pé inú fóònù ni ìròyìn burúkú yẹn gbà wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́ ohùn yín. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á. Ìwé kì í dún, kì í sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti kà á, kò sì sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ó lè sọ ọ́ sórí tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó ṣí i. Bí ẹ bá fẹ́ rán an sí i nílé tí àwọn mìíràn ń gbé, ẹ wá bó ṣe máa dé ọwọ́ òun gan-an láì tíì ṣí, ẹ má sì kà á sétí ìyá tàbí bàbá yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyànjú tiwọn kún un, ẹ ò sì ní lè kọ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le: kí ẹ dákẹ́. Ẹ má pè é láti béèrè bóyá ó rí lẹ́tà gbà. Mo mọ̀ pé ó máa wù yín. Bí ẹ bá béèrè, gbólóhùn “má da ara rẹ láàmú láti kọ èsì” ti di irọ́ nìyẹn. Ẹ kàn kọ èyí tí ẹ ṣèlérí fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ìlà mẹ́rin péré, kó jẹ́ nípa nǹkan tí kò kan ọ̀ràn náà rárá. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni àwọn tó ń béèrè rẹ̀ máa dín kù, tí oníkálukú á ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà yín máa ṣiṣẹ́ jù.

Ìgbà kan wà tí lẹ́tà ò tó. Kéèyàn má gbé fóònù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe ewu fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan tó ń gbé nítòsí bá ń fojú rí i, tó ń jẹun díẹ̀ tó sì ń wẹ̀. Ẹ wádìí ìyẹn lónìí, kí ẹ tó gbé kálàmù. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, tàbí pé kò sùn rárá, tàbí pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ bíi “ẹ ò ní rí wàhálà mi mọ́,” tàbí pé ó ń há ohun ìní rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀. Ẹ lọ fúnra yín, tàbí kí ẹ rán ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú àtikú. Bíbéèrè kì í fi í sọ́kàn ẹni tí kò rò ó rí. Ó máa ń tu ẹni tó ti ń rò ó lára pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó kàn jẹ́ ìbànújẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́la. Kí ẹ tó lẹ àpò ìwé náà pa, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà yín, kí ẹ sàmì sí ọjọ́ tí wọ́n ti dá fún ìgbéyàwó náà. Ó kù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìsinsìnyí. Gbogbo èèyàn á ṣe bíi pé àwọn ò rántí ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni kò ní lè gbàgbé. Ẹ kọ lẹ́tà míì tó máa dé ọwọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀. Ìlà méjì ti tó: “Mo mọ ọjọ́ tí ọ̀la jẹ́. Fóònù mi á wà ní títàn látàárọ̀ dalẹ́.”